Ètò Ẹ̀kọ́ fún Ọmọ Kan Ṣoṣo

Ẹni tó bá mọ Trans-Amadi ní Pọ́táàkọ́ọ̀tù mọ̀ pé ilé iṣẹ́ ńlá ńlá ló kún àdúgbò náà, àti pé ìró jẹnẹrétọ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ dákẹ́ níbẹ̀. Àwọn ilé ìwé àdání wà láàrin wọn, ọmọ àwọn òṣìṣẹ́ tó ti ibi gbogbo wá ló sì ń lọ síbẹ̀. Nínú kíláàsì kan, ẹ ó bá ọmọ tó ń sọ Ìkwẹ́rẹ́ nílé, òmíràn ń sọ Ígbò, òmíràn ń sọ Yorùbá. Píjìn ni gbogbo wọn fi ń ṣeré, Gẹ̀ẹ́sì ló wà lójú pátákó. Ẹ jẹ́ ká fojú inú wo ọmọkùnrin kan nínú irú kíláàsì bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún 9 ni, ó wà ní Pírámárì 4, Yorùbá sì ni àwọn òbí rẹ̀. Tí a bá ka ìtàn fún un, yóò tún un sọ láìgbàgbé. Tí a bá bi í ní ìṣirò lẹ́nu, yóò dáhùn. Ṣùgbọ́n bí ìwé bá ti wà níwájú rẹ̀, òógùn á bo iwájú orí rẹ̀. Àpẹẹrẹ ni mo fi ọmọ yìí ṣe, kì í ṣe ọmọ ẹnì kan pàtó, èmi ni mo sì ṣètò iye tí mo fẹ́ lò kí a lè jọ rí bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ.

Ohun tó ń ṣe ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í ṣe nǹkan tuntun. Ní 1896, dókítà kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Pringle Morgan, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọdún 14 kan tí orí rẹ̀ pé, tó ń ṣe dáadáa nínú ìṣirò, ṣùgbọ́n tí kò lè mọ ìwé kà. Morgan rò pé ọ̀nà tí ọpọlọ ń gbà rí ọ̀rọ̀ ló ní ìṣòro. Ìwádìí ọdún púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ti fi hàn pé bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ lórí ìró ọ̀rọ̀ ni ọ̀ràn náà sábà máa ń ti wá ju ojú lọ: ó máa ń ṣòro fún ọmọ tó ní dislẹ́síà láti gé ọ̀rọ̀ sí ìró kéékèèké, kó sì so ìró kọ̀ọ̀kan mọ́ lẹ́tà tirẹ̀ kíákíá. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi máa ń gba òbí níyànjú láti náwó sórí ike aláwọ̀ tí wọ́n ń tẹ́ sórí ojú ìwé. Ẹ̀rí tó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò tó nǹkan.

Kí a tó kọ ètò kankan, ìbéèrè kan wà tí àwọn tíṣà ní Trans-Amadi kò gbọdọ̀ fò: ṣé dislẹ́síà ni, àbí Gẹ̀ẹ́sì ni ọmọ kò tíì gbọ́ tó? Èdè tí ọmọ ń sọ nílé la fi ń mọ̀ ọ́n. Ẹ ní kó sọ "bàtà", kó sì yọ "bà" kúrò níbẹ̀. Ẹ ní kó sọ "kó", kó wá yọ ìró àkọ́kọ́ kúrò, ká gbọ́ ohun tó kù. Ọmọ ọdún 9 tó ti ní ìdánrawò díẹ̀, tí kò ní ìṣòro ju pé Gẹ̀ẹ́sì kò tíì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀, yóò sọ "tà", yóò sì sọ "ó". Tí eléyìí náà bá ń le fún un ní Yorùbá tó gbọ́ láti inú ìkókó, àfiyèsí wa gbọ́dọ̀ pọ̀ sí i. Ohun kan tún wà. Ọ̀nà tí a ń gbà kọ Yorùbá kò ní ẹ̀tàn púpọ̀, lẹ́tà kan kì í sábà ní ìró mẹ́ta bíi ti Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ tó ní dislẹ́síà lè ka gbólóhùn Yorùbá láìṣì í, ṣùgbọ́n kó máa rá pálá. Nítorí náà, ẹ wo bí ó ṣe ń yára tó, ẹ má wo àṣìṣe nìkan.

Ẹ tún ṣọ́ra kí ẹ má ka ahọ́n Yorùbá sí àìsàn. A kì í to kọ́ńsónáǹtì méjì tẹ̀lé ara wọn ní Yorùbá, ọmọ wa lè fi fáwẹ́lì há àárín s àti t, ó sì lè pe v ní f. Tó bá mọ ọ̀rọ̀ náà tó sì mọ ìtumọ̀ rẹ̀, ó ti kà á, ẹ má fi àmì àṣìṣe sí i.

Ó kan ibi tí a ti máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ mú àyọkà mẹ́ta tí ọmọ kò rí rí, tí líle wọn bá ara wọn mu ní ìpele Pírámárì 2, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ìwé kíkà ọmọ yìí wà. Yóò ka ọ̀kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú kan, ẹ ó sì ka iye ọ̀rọ̀ tó kà dáadáa. Ká ní ó kà 34, 38 àti 45. Ẹ kò ní mú èyí tó dùn mọ́ yín jù, èyí tó wà láàrin ni ẹ ó mú, ìyẹn 38, nítorí àyọkà kan lè rọrùn tàbí kó le ju ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Stanley Deno àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Minnesota ló sọ irú ìwọ̀n ráńpẹ́ yìí di iṣẹ́ ọwọ́ tíṣà láti àwọn ọdún 1970, nǹkan tó sì dára jù nínú rẹ̀ ni pé kò gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ lọ́sẹ̀.

Láti orí 38 yẹn ni a ti máa kọ àfojúsùn. Mo ti rí ètò tó kàn sọ pé "yóò mú ìwé kíkà rẹ̀ dára sí i". Ta ló máa mọ ọjọ́ tó bá dára? Èyí tí a ó kọ fún ọmọ yìí ni pé: títí di ọjọ́ 3 oṣù Júláì 2026, tí a bá fún un ní àyọkà Pírámárì 2 tí kò rí rí, yóò ka ọ̀rọ̀ 70 dáadáa ní ìṣẹ́jú kan, àṣìṣe rẹ̀ kò sì ní ju 3 lọ. Níbo ni 70 ti wá? Ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ 32 ló wà níwájú wa nínú sáà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a sì ń retí kó fi ọ̀rọ̀ kan kún un lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Ohun tó lè gbé e débẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lábẹ́ àfojúsùn náà: ìpàdé 4 lọ́sẹ̀, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ní ìpàdé kọ̀ọ̀kan, tíṣà kan sí ọmọ kan tàbí méjì. Wọn yóò máa kọ́ ìró àti lẹ́tà ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, láti orí èyí tó rọrùn, wọn ò sì ní kúrò lórí ọ̀kan kó tó dúró.

Ìrànwọ́ nínú kíláàsì yàtọ̀ sí èyí. Ìpàdé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ń kọ́ ọmọ ní ìwé kíkà. Ìrànwọ́ kò kọ́ ọ ní nǹkan kan, ọ̀nà ló ń là fún un kó lè fi ohun tó ti mọ̀ hàn. Fún ọmọ yìí, tíṣà yóò ka ìbéèrè ìṣirò sókè fún un, yóò fún un ní ìwé tí a ti tẹ̀ dípò kó máa da ohun tó wà lójú pátákó kọ, kò sì ní pè é lójijì kó dìde kàwé níwájú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀. Ìdánwò ìṣẹ́jú 40 yóò di 50 fún un. Yóò jókòó síwájú, jìnnà sí fèrèsé tó kọjú sí jẹnẹrétọ̀, torí ọmọ tí ìró ọ̀rọ̀ ń sá mọ́ lọ́wọ́ kò yẹ kó tún máa bá ariwo du ìró náà. Lẹ́tà tó ṣì kọ nínú ìdánwò sáyẹ́ǹsì kò ní gba máàkì rẹ̀. Ṣùgbọ́n nínú ìdánwò ìwé kíkà fúnra rẹ̀, a kò ní ka àyọkà fún un, torí tiwa la ó máa wọ̀n nígbà náà.

Báwo la ṣe máa mọ̀ pé ìrànwọ́ kan ń ṣiṣẹ́? Ẹ fún un ní ìṣirò 10 kó kà fúnra rẹ̀, kí ẹ sì fún un ní 10 mìíràn tí líle wọn jọra, tí tíṣà kà sókè. Tó bá gba 4 nínú ti àkọ́kọ́, tó gba 8 nínú ti èkejì, ìwé kíkà ló ń dí i lọ́wọ́, ìrànwọ́ náà sì tọ́. Tó bá gba 4 nínú méjèèjì, ìṣirò fúnra rẹ̀ ló ń fẹ́ ìkọ́ni, kíkà sókè kò lè tún un ṣe.

Ọjọ́ àyẹ̀wò ni ọ̀pọ̀ ètò ti ń kú. Òfin Amẹ́ríkà tó dá irú ètò yìí sílẹ̀ ní 1975 ní kí a máa yẹ̀ ẹ́ wò, ó kéré tán, lẹ́ẹ̀kan lọ́dún. Lójú tèmi, ọdún kan ti pẹ́ jù fún ọmọ ọdún 9. Ọjọ́ 22 oṣù Sẹ̀tẹ́ńbà 2025 ni a bẹ̀rẹ̀, a ó sì yẹ̀ ẹ́ wò ní ọjọ́ 31 oṣù Ọ̀kítóbà, ọjọ́ 5 oṣù Dìsẹ́ńbà, ọjọ́ 27 oṣù Máàṣì àti ọjọ́ 3 oṣù Júláì. Láàrin àwọn ọjọ́ wọ̀nyí, tíṣà yóò máa wọ̀n ọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tí ọ̀sẹ̀ mẹ́rin bá tẹ̀lé ara wọn tí iye tó kà wà lábẹ́ ohun tí a retí, nǹkan kan gbọ́dọ̀ yí padà.

Ẹ jẹ́ ká jókòó sí ìpàdé àyẹ̀wò ọjọ́ 5 oṣù Dìsẹ́ńbà. Ọ̀sẹ̀ ẹ̀kọ́ 10 ti kọjá, 48 ni a retí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kẹ́yìn rèé: 42, 41, 43, 43. Ìyá ọmọ wo bébà náà, ó ní, "Tíṣà, ṣé kì í ṣe pé ẹ gbé e ga jù fún un?" Àwọn kan nínú ilé ìwé náà á fẹ́ gbà fún un, kí wọ́n fa àfojúsùn sílẹ̀, kí kálukú máa lọ ilé. Ohun tó yẹ kó ṣáájú ni ìwé àkọsílẹ̀ ìpàdé ìkọ́ni. Nínú 40 tó yẹ kó wáyé, 22 péré ló wáyé. Ọjọ́ Jímọ̀ ni a fi ìpàdé kan sí, ìdánrawò orin Kérésì gbà á. Tíṣà tó ń kọ́ ọ náà ló ń lọ dúró sí kíláàsì ẹnikẹ́ni tí kò bá wá síṣẹ́.

Ìpàdé 22 jẹ́ ti ọ̀sẹ̀ márùn-ún àbọ̀. Láti 38 dé 43, ọmọ fi 5 kún un. Ó túmọ̀ sí pé níbi tí ìkọ́ni ti wáyé, ó ń fi bí ọ̀rọ̀ kan kún un lọ́sẹ̀, gẹ́lẹ́ bí a ṣe retí. "Màmá, kò ga jù fún un. Àwa la ò fún un ní ohun tí a kọ sílẹ̀," ni tíṣà àgbà gbọ́dọ̀ lẹ́nu láti sọ.

Ọ̀sẹ̀ 22 ló kù. Tó bá ń fi ọ̀kan kún un lọ́sẹ̀, 65 ló máa dé. Kó tó lè dé 70, ó gbọ́dọ̀ fi 27 kún un, ìyẹn ju ọ̀kan lọ díẹ̀ lọ́sẹ̀. Nítorí náà, wọ́n sọ ìpàdé 4 di 5, wọ́n gbé e lọ sí wákàtí àkọ́kọ́ lẹ́yìn àdúrà àárọ̀, wọ́n sì kọ orúkọ tíṣà kejì tí yóò gba ipò ti àkọ́kọ́ nígbà tí kò bá sí. Wọ́n kọ gbogbo rẹ̀ sínú ètò, ìyá ọmọ fọwọ́ sí i, ó mú ẹ̀dà kan lọ sílé.

Bí wọ́n bá dé ọjọ́ 27 oṣù Máàṣì, nígbà tó yẹ kó ti wà ní 56 tàbí 57, tí ìpàdé kankan kò sì yẹ̀, ṣùgbọ́n tó ṣì wà lórí 45, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí tàbìlì àkókò nìyẹn. Ọ̀nà ìkọ́ni ni wọn yóò tú wò: ìró wo ni kò tíì dúró, ṣé wọ́n ti sáré kọjá rẹ̀ ni, àbí olùyẹ̀wò tó mọ iṣẹ́ yìí dunjú ló yẹ kí wọ́n pè kó wá wo ọmọ náà.