Ìwọ Ni Kí O Bá Ìyá Rẹ Sọ̀rọ̀

Àkànní ọmọ mi,

Ìyàwó rẹ kò fẹjọ́ sùn mí o. Ohùn rẹ̀ lórí fóònù ni mo gbọ́ tí mo fi mọ̀ pé ara rẹ̀ ti sú. Gbogbo oṣù ni ìyá rẹ ń pè é láti Ifọ̀ pé ṣé kò tíì sí nǹkan. Àwọn àǹtí rẹ tó wà ní Ìbàfò náà ń ka ọjọ́ orí sí i létí, pé ṣé ó fẹ́ pé 30 láìtíì gbé ọmọ pọ̀n ni. Ìwọ tí o jẹ́ ọmọ wọn, kò sẹ́ni tó bi ọ́ ní nǹkan kan. Ohun tó ń dùn mí jù nìyẹn.

Ó ti lé ní oṣù 12 tí ẹ ti ń retí oyún. Àwọn dókítà kì í sábà ka ọ̀rọ̀ sí ìṣòro kí oṣù 12 tó pé. Bí obìnrin bá ti lé ní ọdún 35, wọ́n máa ń ní kó wá lẹ́yìn oṣù 6. Àsìkò àyẹ̀wò ti tó nìyẹn, ìwọ ni mo sì fẹ́ kó kọ́kọ́ lọ, nítorí nǹkan bí ìdajì irú ọ̀rọ̀ yìí ló máa ń kan ọkùnrin.

Àyẹ̀wò àtọ̀ kò ní ìrora. Má bá ìyàwó rẹ lò fún ọjọ́ 2 sí 7 ṣáájú. Ilé àyẹ̀wò gan-an ni kí o ti gba àtọ̀ náà sínú ike tí wọ́n bá fún ọ. Má gbà á sílé ní Mówè kí o wá máa gbé e lọ sí Èkó: ó gbọ́dọ̀ dé ọwọ́ wọn láàárín wákàtí kan, ìwọ náà sì mọ súnkẹrẹ-fàkẹrẹ títì márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn. Bí ibà líle bá ṣe ọ́ láìpẹ́ yìí, sọ fún wọn, torí ó lè dín àtọ̀ kù. Bí èsì kò bá dára, má bẹ̀rù; àtọ̀ tuntun ń gbà tó oṣù 2 àbọ̀ kó tó gbó, nítorí náà wọ́n lè ní kí o padà wá lẹ́yìn oṣù 3. Kí ìyàwó rẹ náà lọ rí dókítà tirẹ̀. Àgbo tí ìyá rẹ ń fi ránṣẹ́, kó má mu ún. A ò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn náà, lọ sí Ifọ̀. Dá lọ, má ṣe lọ́jọ́ tí wọ́n ń ṣe ìnáwó. Dọ̀bálẹ̀ fún ìyá rẹ, kí o sọ fún un pé: "Màámi, ẹ má bínú. Ọ̀rọ̀ ọmọ yìí, èmi ni kí ẹ máa bi. A ti ń rí dókítà." Má sọ èsì ẹnikẹ́ni fún un, tìrẹ tàbí ti ìyàwó rẹ, torí àwọn àǹtí rẹ á gbọ́ kílẹ̀ tó ṣú. Bó bá sunkún pé òun fẹ́ rí ọmọ-ọmọ kóun tó kú, jẹ́ kó sunkún. Ẹ̀rù ló ń bà á, kò kórìíra yín. Ṣùgbọ́n bó bá dárúkọ ìyàwó kejì, dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀ pé o kò ṣe é. Bí o bá dákẹ́, ó máa rò pé o gbà.

Bó bá tún pe ìyàwó rẹ, ìwọ ni kí o pè é padà.

Èmi, ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ.