Ta Ni "Wọ́n"?

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ kan ń ròyìn omi ẹ̀rọ tó dá lórí rédíò: "Wọ́n ti ń tún un ṣe, wọ́n ní ká ṣe sùúrù, wọ́n á dé lọ́la." Ó ń dún bí ìròyìn, àmọ́ "wọ́n" mẹ́ta ló wà níbẹ̀, n kò sì mọ ẹni tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí.

Ẹrù ọ̀rọ̀ kékeré yìí ti pọ̀ jù. Ó dúró fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó dúró fún àgbà kan ṣoṣo, ó sì tún dúró fún ẹni tí a kò dárúkọ rárá: "wọ́n bí mi ní Iléṣà." Nínú Bíbélì àtijọ́, "a" ló sábà máa ń ṣe iṣẹ́ ìkẹyìn yìí. "Nwọn" ni wọ́n sì ń kọ nígbà náà, kí àtúnṣe àkọtọ́ ọdún 1974 tó yọ "n" iwájú rẹ̀ kúrò. Mo gbà pé "wọ́n" ti gba iṣẹ́ "a" lẹ́nu wa, kò sì sẹ́ni tó lè gbà á padà.

Ibi tí n kò ti ní gbà fún un ni ìwé tí a fi ń fa iṣẹ́ tí kò tíì parí lé ẹlòmíràn lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká wo ẹ̀rọ omi kan tó ń kùn ṣùgbọ́n tí kò fa omi. Àwọn tó ń tún un ṣe ti sọ̀rọ̀ lé e lórí títí ilẹ̀ fi ṣú. Ẹni tó ń fi iṣẹ́ sílẹ̀ wá gé ọ̀rọ̀ náà kúrú: "Wọ́n ti ra kapásítọ̀. Wọ́n ní kí ẹ má fa ẹ̀rọ jáde. Wọ́n á wá lọ́la." Ọmọṣẹ́ ló ra ọjà, bàbá onílé ló pàṣẹ, oníná ló ń bọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ṣì gùn, orúkọ wọn wà níbẹ̀; bí a ti gé e, ẹni mẹ́ta di ẹyọ kan. Ẹni tó bá ka "ti ra" sì lè rò pé wọ́n ti fi í sí i.

Bó ṣe yẹ kó rí nìyí: "Ọmọṣẹ́ ti ra kapásítọ̀ tuntun, ó wà nínú àpótí irinṣẹ́ mi, n kò tíì fi í sí i. Mo ti yẹ wáyà wò, kò já. Bàbá onílé ní ká má fa ẹ̀rọ jáde títí wọ́n á fi dé. Oníná ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀, òun ni yóò fi kapásítọ̀ sí i. Mo ti pa iná ẹ̀rọ. Ẹ má tan án."

Iye owó tí wọ́n ná àti gbogbo àríyànjiyàn ti kúrò níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wáyà kò kúrò, nítorí bí a bá yọ ọ́, ẹni tó gba iṣẹ́ á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò. "Wọ́n" kan ṣoṣo tó kù níbẹ̀, bàbá onílé ló wà níwájú rẹ̀, kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Kí ẹ tó fi irú ìwé bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́, ẹ bi gbogbo "wọ́n" inú rẹ̀ pé "ta ni?" Bí ìdáhùn kò bá sí nínú gbólóhùn yẹn tàbí èyí tó ṣáájú rẹ̀, ẹ fi orúkọ tàbí iṣẹ́ ẹni náà rọ́pò rẹ̀. Ẹ sì kọ orúkọ ọjọ́ dípò "lọ́la", torí pé ọ̀la ẹni tó kọ ọ́ lè jẹ́ òní ẹni tó ń kà á.