Ẹ̀fọ́ Lórí Iyanrìn Ajah

Àkànní ọmọ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà. O ní ìdajì pulọ́ọ̀tì tí bàbá rẹ rà lẹ́yìn Ṣàǹgótẹ̀dó ṣì ṣófo, pé owó ọwọ́ rẹ kò pọ̀, pé o kò fọwọ́ kan ọkọ́ rí, àti pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń sọ pé kí o sin ẹja àrọ̀.

Má tíì sin ẹja. Oúnjẹ ẹja ló ń kó ju ìdajì owó ẹni lọ, ẹja kì í sì í gbààwẹ̀. Bí owó bá tán lóṣù kẹta, ẹja náà kò ní tíì tó tà, o kò sì ní lè fi ebi pa á. Ìgbín ní tirẹ̀ kì í náni lówó púpọ̀, àmọ́ ó lè ju ọdún kan lọ kó tó tóbi débi tí oníbàárà máa fẹ́ ẹ. Tẹ̀tẹ̀ ni kí o fi bẹ̀rẹ̀, kí ewédú tẹ̀lé e. Ọ̀sẹ̀ 4 ni tẹ̀tẹ̀ ń lò lórí ilẹ̀. Bí ebè kan bá bàjẹ́, ohun tó bá a lọ kò ju irúgbìn ṣíbí kan, ajílẹ̀ àpò kan àti wàhálà omi lọ.

Wàhálà omi yẹn gan-an ni mo fẹ́ kí o gbọ́ dáadáa. Àárín òkun àti ọ̀sà ni ilẹ̀ Lẹ́kkí dé Ajah dúró sí, iyanrìn sì ni. Ọ̀pọ̀ pulọ́ọ̀tì níbẹ̀ jẹ́ irà tí wọ́n fi iyanrìn inú ọ̀sà dí. Iyanrìn bẹ́ẹ̀ máa ń ní iyọ̀ nínú. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ da á síbẹ̀, jẹ́ kí òjò ọdún kan fọ̀ ọ́ kí o tó gbin nǹkan kan sí i. Omi kànga ibẹ̀ náà lè ní iyọ̀, pàápàá láti oṣù Kejìlá dé oṣù Kẹta nígbà tí òjò ti lọ. Fi ahọ́n tọ́ omi náà wò. Ṣùgbọ́n ahọ́n nìkan kò tó: gbin tẹ̀tẹ̀ sínú ike méjì, bu omi òjò tàbí omi ìgò sí ọ̀kan, bu omi kànga sí ìkejì, kí o sì máa wò wọ́n fún ọ̀sẹ̀ 2. Bí etí ewé ti omi kànga bá ń jó bíi pé iná rà á, tí nǹkan funfun sì ń yọ lójú iyanrìn, omi náà kò dára fún ẹ̀fọ́. A jẹ́ pé wàá wá omi bóòhùlù aládùúgbò, tàbí kí o máa gbá omi òjò jọ láti orí páànù.

Bí omi bá dára, omi náà ni yóò sọ iye ebè tí o máa ṣe. Iyanrìn kì í gba omi dúró, torí náà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ebè tó fẹ̀ tó mítà kan ó lé díẹ̀, tó gùn tó mítà 10, yóò mu nǹkan bíi lítà 60 lójúmọ́. Agolo ìbomirin lítà 10 mẹ́fà nìyẹn: mẹ́ta láàárọ̀, mẹ́ta nírọ̀lẹ́. Ẹni tó bá fi ìtara ṣe ebè 20 lọ́jọ́ àkọ́kọ́, agolo 120 ló ń dúró dè é lójoojúmọ́. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ oko àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì fi ń gbẹ kí oṣù kan tó pé. Ìwọ ṣe ebè 8. Gbin 2 lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, 2 lọ́sẹ̀ kejì, títí wọn yóò fi pé 8. Nígbà tí o bá ń gbin èyí tó kẹ́yìn, ti àkọ́kọ́ ti ń sún mọ́ títà. Láti ìgbà náà lọ, ebè 2 lò ń tà lọ́sẹ̀, 2 lò ń gbìn.

Ìgbẹ́ adìẹ ni ajílẹ̀ rẹ. Wá a ní àwọn oko adìẹ tó wà lọ́nà Ẹ̀pẹ́, torí owó ọkọ̀ tó gbé e lè ju owó rẹ̀ lọ. Má da á tútù sórí ebè, yóò jó gbòǹgbò. Kó o jọ, bu omi sí i, bò ó, kí o sì máa dà á rú fún ọ̀sẹ̀ 3. Ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀: bó bá ṣì gbóná, tí òórùn rẹ̀ sì ń ta imú, kò tíì tó. Nígbà tó bá jinná, po àpò 25 kílò kan mọ́ iyanrìn ebè kọ̀ọ̀kan. Lẹ́yìn kíkórè, tún un pò, nítorí omi ti fọ èyí tó wà níbẹ̀ lọ. Nígbà òjò, gbé ebè sókè kí ìkún omi má rì í, kí o sì fi èèpo àgbọn tò ó yí ká. Àgbọn kò wọ́n ní Ìbẹ̀jú.

Irúgbìn tẹ̀tẹ̀ ṣíbí ìmutíì kan tó ebè kan. Pò ó mọ́ iyanrìn gbígbẹ kó má bàa kó jọ sójú kan, fọ́n ọn, fi imọ̀ ọ̀pẹ bò ó. Bó bá ti hù ní ọjọ́ 3 sí 5, ká imọ̀ náà kúrò nírọ̀lẹ́. Ewédú kì í hù bẹ́ẹ̀, nítorí èèpo irúgbìn rẹ̀ le. Dì í sínú aṣọ, rì í sínú omi tó ṣẹ̀ṣẹ̀ hó fún ìwọ̀n ìṣẹ́jú àáyá 5 sí 10, gbé e jáde sínú omi tútù, sá a. NIHORT ní Ìdí-Ìṣin, Ìbàdàn, ló ń ṣèwádìí ẹ̀fọ́ láti ọdún 1975. Bèèrè irúgbìn lọ́wọ́ wọn bí o bá lọ síbẹ̀.

Má gbin ewédú sí ebè kan náà lẹ́ẹ̀mejì léraléra. Bí kò bá ga mọ́, fà á tu: bí gbòǹgbò rẹ̀ bá ṣe kókó-kókó, aràn tíntìntín tó ń gbé inú iyanrìn ló wà níbẹ̀. Kò sí oògùn tí o lè fún lé e. Gbé ewédú kúrò lórí ebè náà, gbin tẹ̀tẹ̀ síbẹ̀, kí o sì fi kún ajílẹ̀ rẹ̀. Ti tẹ̀tẹ̀ ni kòkòrò tó ń ká ewé mọ́ra. Ṣa á lówùúrọ̀. Má fún oògùn apẹ̀fọn sórí ohun tí ènìyàn fẹ́ jẹ.

Kí o tó gbin ohunkóhun, lọ sí ọjà Ajah, jókòó ti àwọn ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́. Wọ́n máa ń wá ra odindi ebè lórí ìdúró, àwọn fúnra wọn ni yóò sì tu ú. Bèèrè iye tí wọ́n ń ra ebè ní oṣù Kẹfà àti ní oṣù Kejì, torí òjò máa ń fa owó ẹ̀fọ́ wálẹ̀, ẹ̀ẹ̀rùn sì ń gbé e sókè. Yọ owó ajílẹ̀, ọkọ̀ àti epo pọ́ńpù kúrò. Ohun tó kù ni èrè rẹ. Ìdì kéékèèké tí o bá tà fáwọn aládùúgbò lórí fóònù yóò mówó wá ju ti ọjà lọ, ṣùgbọ́n ìwọ ni yóò dì í, ìwọ ni yóò gbé e lọ. Ẹ̀fọ́ kì í dúró dè ẹ́: tẹ̀tẹ̀ tó bá ti yọ òdòdó, ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ kì í wò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Má ra irúgbìn kankan báyìí ju ìwọ̀nba tí o máa gbìn sínú ike lọ. Gbé ike méjì náà kalẹ̀ lọ́la, kí o sì pè mí ní ọ̀sẹ̀ 2 sí i láti sọ bí ewé ṣe rí.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ, ní Badore.