Ta Ni "Ó"? Bí A Ṣe Ń Bá Ìtàn Ẹlòmíràn Lọ

Ẹ̀kọ́ tòní dá lórí ìtàn àjọkọ, ìyẹn ìtàn tí ẹnì kan bẹ̀rẹ̀, tó wá gbé e fún ẹlòmíràn pé, "Ó yá, máa bá a lọ." Ẹni tó gbé e sílẹ̀ kì í sábà sọ àwọn tó wà nínú ìtàn náà, ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sẹ́yìn, tàbí ibi tó fẹ́ kó parí sí. Ó gbà pé ohun tó wà lórí ìwé ti tó. Ẹ jẹ́ ká wò ó bóyá ó tó lóòótọ́. A fi ìtàn yìí sí Kugbo níbí, níbi tí gbogbo wa ti mọ ọjà àga àti bẹ́ẹ̀dì:

"Ó dé ṣọ́ọ̀bù kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa. Bẹ́ẹ̀dì náà ṣì wà níbi tó wà, ṣùgbọ́n wọ́n ti yọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kan. Ó pe Táyé lórí fóònù. Táyé ní òun ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Ó rántí ohun tí wọ́n sọ lánàá, ó bá jókòó sórí pákó."

Ibẹ̀ ni ẹni àkọ́kọ́ dá bírò dúró. Ìwọ lo kàn. Kí lo máa kọ?

Kọ́kọ́ bi ara rẹ pé ta ni "ó". Èdè wa kì í fi "ó" ya ọkùnrin sọ́tọ̀ kúrò lára obìnrin. Ẹni tó dé ṣọ́ọ̀bù lè jẹ́ ọmọkùnrin tó ń kọ́ṣẹ́, ó lè jẹ́ ìyàwó ilé tó wá gba ẹrù rẹ̀, ó sì lè jẹ́ ọlọ́dẹ. Táyé náà ńkọ́? A mọ̀ pé ìbejì ni, torí orúkọ rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n Táyé ọkùnrin wà, Táyé obìnrin sì wà. Nínú gbólóhùn ìkẹyìn, ta ló rántí, ta ló jókòó? Ṣé ẹni tó dé ṣọ́ọ̀bù ni àbí Táyé? Òǹkàwé lè rò ó síhìn-ín, ó sì lè rò ó sọ́hùn-ún.

Ọ̀rọ̀ tó wá le jù níbẹ̀ ni "wọ́n". A máa ń lo "wọ́n" fún èèyàn púpọ̀. A máa ń lò ó fún ẹni tí a ò mọ̀, bí ìgbà tí a bá ní "wọ́n ti jí i." A tún máa ń lò ó fún àgbà kan ṣoṣo, láti fi bọ̀wọ̀ fún un. Tí "wọ́n" inú ìtàn yìí bá jẹ́ olè, ìtàn olè la ń kọ. Tó bá jẹ́ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù ló yọ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì náà nítorí pé iṣẹ́ ibẹ̀ kò dáa, ìtàn ọmọ iṣẹ́ àti ọ̀gá rẹ̀ ni. Ọ̀rọ̀ kan náà, ìtàn méjì tí kò bára tan.

Kì í ṣe pé ìwé náà kò sọ nǹkan kan o. Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà á yóò rí àmì mélòó kan. "Náà" tó wà lẹ́yìn "bẹ́ẹ̀dì" fi hàn pé a ti sọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀dì yìí rí, nítorí náà ìtàn ti wà kó tó dé ibi tí a ti bá a. "Lánàá" sọ fún wa pé ọ̀rọ̀ kan ti wáyé tó wúwo lọ́kàn ẹnì kan. "Òun" nínú "Táyé ní òun ò mọ̀" kò ní jàǹbá kankan: Táyé fúnra rẹ̀ ni. Tí ẹlòmíràn bá ni a ń wí, "kò mọ̀" ni à bá kọ. Ẹni tó ń sọ ìtàn náà kò sì fi "wọ́n" bọ̀wọ̀ fún Táyé, nítorí náà Táyé kì í ṣe àgbà lójú rẹ̀.

Tí a bá wá kó gbogbo rẹ̀ jọ, a ó rí i pé àwọn nǹkan mẹ́ta tí ẹni àkọ́kọ́ kò sọ kò rí bákan náà. Àwọn èèyàn inú ìtàn, a lè fojú inú wo díẹ̀ lára wọn láti inú orúkọ àti ọ̀rọ̀ ọ̀wọ̀. Ohun tó ti ṣẹlẹ̀, a lè rí díẹ̀ níbẹ̀ náà, láti inú "náà" àti "lánàá". Ṣùgbọ́n ibi tí ìtàn ń lọ, kò sí lórí ìwé rárá. Orí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ló wà. Bó o bá ka ìpínrọ̀ yẹn nígbà ogún, o ò ní rí i. Àfi kí ó sọ ọ́.

Àwọn baba wa mọ èyí nípa àlọ́. Kí apàlọ́ tó wọnú ọ̀rọ̀ ló ti máa ń sọ ẹni tí àlọ́ rẹ̀ dá lé. Tó bá ti ní ó dá lórí Ìjàpá àti Yánníbo, ara àwọn ọmọ ti balẹ̀. Wọ́n mọ̀ pé Ìjàpá jẹ́ ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́, pé ó fẹ́ràn oúnjẹ, pé Yánníbo ni ìyàwó rẹ̀. Bí oorun bá gbé apàlọ́ lọ láàárín, ọmọ kan lè gbà á, kó sì bá a dé ibi tó dáa, torí orúkọ yẹn nìkan ti gbé ìwà, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé òpin wá. Ìtàn bẹ́ẹ̀dì wa kò ní Ìjàpá. Èèyàn tuntun ló wà níbẹ̀, a ò tíì mọ ìwà wọn.

Ẹ tún wo ìtàn kan tí a tẹ̀ ní ìdákúrekú. Ní ọdún 1929, ìwé ìròyìn Akéde Èkó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé lẹ́tà obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá jáde. I. B. Thomas, olóòtú ìwé ìròyìn náà, ló ń kọ wọ́n fúnra rẹ̀. Ó ń bá a lọ wọ ọdún 1930, ọdún yẹn kan náà ló sì di ìwé. Ẹni tó bá ń ka irú ìtàn báyìí ní láti dúró kí apá tó kàn tó dé, ó sì lè gbàgbé ibi tó kà dé. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ ni Sẹ̀gilọlá ti jẹ́ ká mọ̀ pé òun ti darúgbó, pé àìsàn ń ṣe òun, pé àbámọ̀ ló ń mú òun kọ̀wé nípa ìgbà èwe òun. Nítorí náà, lẹ́tà yòówù kó o bá, o mọ ẹni tó ń sọ̀rọ̀, o sì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ. Mímọ̀ tí a mọ òpin kò ba adùn rẹ̀ jẹ́. Ohun tí òǹkàwé ń wá ni bó ṣe dé ibẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká padà sí bẹ́ẹ̀dì wa. Báwo la ṣe ń mọ̀ pé wọn ò sọ nǹkan kan fún ẹni tó gba ìtàn? Ó máa ń hàn. Lákọ̀ọ́kọ́, yóò mú èèyàn tuntun wọlé kíákíá, ọlọ́pàá tàbí àjèjì kan, nítorí pé kò mọ ohun tó lè fi àwọn tó wà níbẹ̀ ṣe. Ẹ̀ẹ̀kejì, kò ní dárúkọ ẹnikẹ́ni. "Ó" ni yóò máa lò títí, torí ẹ̀rù ń bà á kó má ṣi ẹni dá. Ẹ̀ẹ̀kẹta, nígbà tí kò bá rí ọ̀nà jáde mọ́, yóò ní ẹni náà ta jí, àṣé àlá ni. Bí ẹ bá rí àlá yẹn, ẹ má kọ́kọ́ bá ẹni tó kọ ọ́ wí. Ẹ bi ẹni tó gbé ìtàn fún un léèrè.

Àtúnṣe rẹ̀ kò ju ìlà mẹ́ta lọ. Kí ẹni àkọ́kọ́ kọ ọ́ sí abẹ́ iṣẹ́ rẹ̀ báyìí:

Àwọn tó wà níbẹ̀: Ìyábọ̀ ló dé ṣọ́ọ̀bù, ọmọ iṣẹ́ ọdún kejì ni. Táyé, ọmọkùnrin, jẹ́ ọmọ iṣẹ́ bíi tirẹ̀. "Wọ́n" ni ọ̀gá wọn, Bàbá Ṣọlá.

Ibi tó dé: Ìyábọ̀ gbẹ́ ihò ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan fẹ̀ jù, ó fi gọ́ọ̀mù àti èérún pákó dí i, kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Lánàá, Bàbá Ṣọlá ní iṣẹ́ tí kò lágbára kò ní ti ṣọ́ọ̀bù àwọn jáde.

Ibi tó ń lọ: Ìyábọ̀ yóò jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀ kí oníbàárà tó dé. Kò sí lílù, kò sí lílé kúrò níbi iṣẹ́.

Ẹ wo bí ẹni kejì ṣe lè bá a lọ wàyí:

"Ìyábọ̀ fọwọ́ kan ihò náà. Gbogbo gọ́ọ̀mù àná ni wọ́n ti ha kúrò. Nígbà tí Bàbá Ṣọlá dé, ó kúnlẹ̀ kí wọn, kò sì dìde. 'Ẹ má bínú, sà. Táyé kọ́. Èmi ni mo gbẹ́ ẹ fẹ̀ jù.' Wọ́n wò ó fún ìgbà díẹ̀, wọ́n na ayùn sí i. 'Mo ti mọ̀ látàná. Lọ gé ẹsẹ̀ mìíràn wá.'"

Ẹ kíyè sí i pé ìlà mẹ́ta yẹn kò kọ ìtàn fún un. Kò sí ẹni tó sọ fún un pé kí Ìyábọ̀ kúnlẹ̀ tàbí kí Bàbá Ṣọlá na ayùn. Òun ló rò ó. Nítorí náà ẹ má ṣe ju ìlà kan lọ nípa òpin. Tí ẹ bá to gbogbo ìṣẹ̀lẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tó kàn, ẹ ti sọ ọ́ di adàwékọ. Bí ẹ kò bá sì tíì mọ òpin, ẹ sọ ohun tí ẹ kò fẹ́: "Kó má jẹ́ àlá, kí Ìyábọ̀ má sá lọ." Ìyẹn náà ti fi ọ̀nà hàn.

Tí ẹni tó bẹ̀rẹ̀ kò bá sí nítòsí ńkọ́, bíi nínú ìdánwò tí wọ́n fún wa ní gbólóhùn kan ṣoṣo fún àròkọ asọ̀tàn? Fúnra rẹ ni kó o kọ ìlà mẹ́ta náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé kó o tó bẹ̀rẹ̀. Fa ìlà sábẹ́ ohun tí gbólóhùn náà ti sọ dájú, kó o má bàa tàpá sí i. Yan ìyókù, kó o má sì yí i padà láàárín ọ̀nà. Lẹ́yìn náà, nínú gbólóhùn rẹ àkọ́kọ́ gan-an, dárúkọ ẹni tí "ó" jẹ́.

Iṣẹ́ fún ìpàdé tó ń bọ̀: ẹ tún ìpínrọ̀ bẹ́ẹ̀dì yẹn bá lọ, ṣùgbọ́n kí "wọ́n" jẹ́ olè, kí Táyé sì jẹ́ obìnrin. Ẹ kọ ìlà mẹ́ta yín ṣáájú. A ó kà wọ́n sókè, a ó sì wò ó bóyá ìlà kẹta bá ibi tí ìtàn náà parí sí mu.