Àpótí Ìmọ̀: Ẹ̀kọ́ Ìdá ní Èdè Méjì

Nínú ẹ̀kọ́ ìṣirò elédè méjì, èdè kọ̀ọ̀kan ní iṣẹ́ tirẹ̀. Yorùbá ni olùkọ́ fi ń sọ ohun tí ọmọ yóò ṣe. Gẹ̀ẹ́sì ni ó fi ń ka àpẹẹrẹ ojú pátákó. Iṣẹ́ ọwọ́ ló máa ń ṣáájú.

Ẹ wo ẹ̀kọ́ kan. Olùkọ́ ní: “Ẹ ká bébà yín sí méjì ọgbọọgba. Ẹ tú u, kí ẹ fi búlúù kun apá kan. Ẹ tún un ká kí ó di apá mẹ́rin. Apá mélòó ni búlúù wà? Ẹ fi pupa kun ọ̀kan sí i.”

Àwọn ọmọ á rí i pé ìdajì ti di apá méjì nínú mẹ́rin. Ìgbà yìí ni olùkọ́ yóò kọ àpẹẹrẹ, tí yóò máa kà á ní Gẹ̀ẹ́sì, háàfù àti kúọ́tà, tí yóò sì máa tọ́ka sí bébà ní ìlà kọ̀ọ̀kan:

1/2 + 1/4
= 2/4 + 1/4
= 3/4

Àwọn kan á kọ 2/6, nítorí wọ́n ro òkè mọ́ òkè, ìsàlẹ̀ mọ́ ìsàlẹ̀. Ṣùgbọ́n 2/6 kò tó ìdajì, bẹ́ẹ̀ ìdajì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó fi kún un.

Kí olùkọ́ fi Yorùbá bi irú ọmọ bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú bébà lọ́wọ́, pé ìdá mélòó bébà náà ló ti ní àwọ̀. Bí ó bá gbà á, Gẹ̀ẹ́sì tàbí bí a ṣe ń kọ ìdá ni kò yé e. Bí kò bá gbà á, ìdá gan-an ni kò yé e. Kí wọ́n padà sídìí bébà kíká.