Lẹ́tà sí Àbẹ̀kẹ́ lórí Ọ̀rọ̀ tí Ó Yẹ Kí Ó Ṣíwájú Ibùsùn

Àdúgbò Ọ̀fin,
Ìsàlẹ̀ Èkó.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ àbúrò mi,

Mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ orí afárá Èkó, mo kí ọ kú ìnáwó tó ń bọ̀ lọ́nà, mo sì kí ọ kú ìgbàgbé pẹ̀lú, nítorí láti ọjọ́ Iléyá tí o ti gba ẹran lọ́wọ́ mi nínú abọ́ oníderí tí n kò tíì rí gbà padà, ẹsẹ̀ rẹ kò tún tẹ àgbàlá yìí mọ́. Ìyá rẹ wà dáadáa, àfi orúnkún rẹ̀ tí o mọ̀. Àwọn ọlọ́jà Òkè Àrín tí wọ́n máa ń gẹ̀ ọ́ nígbà tí o wà ní kékeré ń béèrè rẹ, mo sì ń purọ́ fún wọn pé o máa ń wá lóròòru. Ọ̀dọ́mọkùnrin ará Ẹ̀pẹ́ rẹ ńkọ́? Mo béèrè rẹ̀ nítorí pé ọ̀rọ̀ òun àti ìwọ ni mo fẹ́ sọ, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò ṣàjèjì sí ọ pé ọmọ Èkó Akéte gan-an, ọmọ tí mo mọ ìyá bàbá rẹ̀, ni èmi ì bá fẹ́ fún ọ. A kì í sá fi ipá fún ọmọ lọ́kọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ ni ó wá síbí lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, tí ó ń ròyìn pé ẹ ti san owó ilé ní Sùúrùlérè, ẹ ti ka gbogbo ohun tí ẹ ó rà sínú rẹ̀ títí dé orí fírísà, ẹ tilẹ̀ ti jà lórí àwọ̀ kọ́tìnì, ẹ sì ti parí rẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí ó bi ọ́ léèrè bóyá ẹ ti bá ara yín sọ ọ̀rọ̀ ibùsùn, o fi ọwọ́ bo ẹnu, o rẹ́rìn-ín, o sì ní, "Bí a bá débẹ̀, ara á mọ̀ ọ́n." Àbẹ̀kẹ́, ara kì í mọ̀ ọ́n. Ẹni tí ó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́, èmi tí mo ń kọ ìwé yìí sì ni ẹlẹ́rìí.

O ti gbọ́ apá kan ìtàn mi, ṣùgbọ́n wọn kò sọ ìyókù fún ọ. Nígbà tí wọ́n mú mi wọ ilé ọkọ, àwọn ìyáálé tẹ́ aṣọ funfun sórí ibùsùn, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe nígbà náà, wọ́n sì jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ láti máa dúró de ilẹ̀ mímọ́, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá páálí ìṣáná tí ó kún ni wọn yóò fi ránṣẹ́ sí àwọn òbí mi, tàbí èyí tí kò kún. Èmi kò mọ ọkùnrin kankan rí, síbẹ̀ ẹ̀rù bà mí dé eegun pé bóyá ẹ̀jẹ̀ kò ní jáde. Ẹ̀rù yìí gan-an ni ó dí ọ̀nà. Kì í ṣe pé mo kọ̀ fún un: iṣan ojú ara obìnrin tí àyà ń já a máa fún pọ̀ fúnra wọn, láìjẹ́ pé ó pàṣẹ fún wọn, bí wọ́n bá sì ti fún pọ̀ bẹ́ẹ̀, ìrora ni gbogbo ohun tí yóò tẹ̀ lé e, ìrora náà ni yóò sì tún bí ẹ̀rù fún ọjọ́ mìíràn. Bàbá àwọn ọmọ mi rò pé n kò fẹ́ òun ni, èmi rò pé bí wọ́n ti ń ṣe é nìyẹn. A bímọ, a kọ́lé, a lọ sí Mẹ́kà, kò bi mí, n kò sì sọ fún un, títí ó fi jáde láyé. Ohun tí ó ń dùn mí nígbà tí mo bá dá jókòó nìyẹn, pé ọkùnrin tí kò ṣe mí níbi rárá kú pẹ̀lú èrò pé mo kàn ń fara dà á ni.

Ìgbà tí mo dàgbà tán ni mo tó mọ̀ pé ọ̀rọ̀ aṣọ funfun náà kò tilẹ̀ lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Ìbálé kì í ṣe èdìdì. Awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni, ó sì yàtọ̀ láti ara obìnrin kan sí ara òmíràn. Ti ẹlòmíràn a máa nà láìya, kò sì ní sí ẹ̀jẹ̀ kankan, bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ lè jáde lára obìnrin tí ó ti bímọ pàápàá bí wọ́n bá kánjú bá a tàbí bí ojú ara rẹ̀ bá gbẹ. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ pé ohun tí ń bà ọ́ lẹ́rù náà nìyí, sọ ọ́ fún ọkùnrin rẹ ṣáájú, kí ó tó di pé òun náà ń wo ibùsùn láàárọ̀ láti wá ẹ̀rí.

Ọ̀nà wo ni ènìyàn ń gbà sọ ọ́? Ìgbà tí ọwọ́ ti wà lára kọ́, ìgbà tí iná ti kú kọ́, nítorí ẹni tí ara rẹ̀ ti gbóná kò ní etí, ẹni tí a sì ti dì mú kò ní ẹnu. Ọ̀sán ni kí ẹ sọ ọ́, níbi tí kò ti sí ibùsùn, kí ẹ sì máa rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín, nítorí ojú a máa tini jù bí a bá kọjú síra wa. Ọmọbìnrin kan wà lẹ́yìnkùlé wa níbí, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó mú àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lọ sí Màrínà ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, tí ó sì sọ fún un pé, "Ohun kan wà tí mo fẹ́ kí o gbọ́, má dá mi lóhùn títí n ó fi parí rẹ̀." Ó ní olóòlà ti dábẹ́ fún òun nígbà tí òun wà lọ́mọ ọwọ́, òun kò rántí ọjọ́ náà, ṣùgbọ́n ojú àpá ibẹ̀ máa ń ta òun bí aṣọ bá fún, òun sì ń bẹ̀rù pé ìbálòpọ̀ yóò dun òun, pé òun lè má gbádùn rẹ̀, pé ọmọkùnrin náà yóò sì ka èyí sí àìfẹ́. (Òfin ìjọba àpapọ̀ ti ọdún 2015 ti sọ dídábẹ́ fún obìnrin di ẹ̀ṣẹ̀, ṣùgbọ́n òfin kò lè pa àpá tí ó ti wà nílẹ̀ rẹ́.)

Ọmọkùnrin náà dákẹ́, ó ń wo àwọn ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n ń lọ sí Àpápá. Lẹ́yìn náà ó bi í pé, "Ibo ni kí n má fọwọ́ kàn?" Ọmọbìnrin náà sọ fún mi pé omi bọ́ lójú òun, nítorí ẹnikẹ́ni kò bi òun bẹ́ẹ̀ rí, òun fúnra òun kò sì mọ ìdáhùn. Wọ́n wá fohùn ṣọ̀kan pé ọwọ́ tirẹ̀ ni yóò máa darí ọwọ́ ọkùnrin náà. Pé nígbàkúùgbà tí ẹnì kan nínú wọn bá ti wí pé "dúró," ìbáà jẹ́ láàárín gbùngbùn rẹ̀, èkejì yóò dúró, kò sì ní béèrè ìdí títí di ọjọ́ kejì. Pé ní àwọn òru àkọ́kọ́, wọn kò ní lé ohunkóhun bá ju kí wọ́n fọwọ́ kan ara wọn lọ. Nígbà náà ni ọkùnrin náà tú tirẹ̀ sílẹ̀: ẹ̀rù ń ba òun náà pé òun yóò tètè parí, nítorí ìhàlẹ̀ àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀, ohun kan ṣoṣo tí òun kò sì ní lè fara dà ni kí a fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n jọ lọ rí nọ́ọ̀sì, ẹni tí ó yẹ ojú àpá náà wò, tí ó sì ṣàlàyé pé ọ̀pọ̀ obìnrin tí a dábẹ́ fún ṣì ń gbádùn ọkọ wọn bí a bá fara balẹ̀.

Kíyè sí i pé kì í ṣe ẹ̀rù nìkan ni wọ́n sọ. Sọ èyí tí ó wù ọ́ pẹ̀lú, nítorí obìnrin tí ó bá ń ka èèwọ̀ nìkan fún ọkọ kò tíì fi ọ̀nà kankan hàn án. Èyí tí ó wù ọ́ wà, èyí tí o kò fẹ́ láé wà, àárín àwọn méjèèjì ni èyí tí o kò tíì mọ̀ wà, ìhín yìí sì ni ìjà máa ń pọ̀ sí, nítorí ọ̀pọ̀ ọkùnrin a máa gbọ́ "n kò tíì mọ̀" bí ẹni gbọ́ "bẹ́ẹ̀ ni." Sọ fún un kedere pé kò rí bẹ́ẹ̀, àti pé ìdákẹ́ rẹ kì í ṣe gbígbà.

Wo ojú rẹ̀ bí o ti ń sọ̀rọ̀. Bí ojú bá tì í, tí ó ń kólòlò, má ṣe ka ìyẹn sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń dúnàádúrà lórí ohun tí o ti ní o kò fẹ́, bí ó bá ní "bí o bá fẹ́ràn mi ni," tàbí bí ọ̀rọ̀ tí o sọ fún un ní kọ̀rọ̀ bá ti ẹnu ọ̀rẹ́ rẹ̀ jáde, fi owó ilé Sùúrùlérè náà sílẹ̀. Owó ni, a ó rí òmíràn.

Mo gbọ́ pé ẹ ti ṣe àyẹ̀wò jẹ́nótaìpù. Ó dára, ṣùgbọ́n ó ku ti kòkòrò éèdì àti ti jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀. Ẹ̀yin méjèèjì ni kí ẹ jọ lọ, kí ẹ jọ wo èsì, kí ẹ sì mọ̀ pé ẹni tí ó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kòkòrò éèdì, àyẹ̀wò lè má tíì rí i. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń tún un ṣe lẹ́yìn oṣù 3. Bí ẹ kò bá tíì fẹ́ oyún, ẹ sọ ẹni tí yóò lo kí ni kí òru tó dé. Bí ó bá jẹ́ rọ́bà, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òrí, adìn àgbọn tàbí básílínì sí i nítorí gbígbẹ, nítorí epo a máa sọ rọ́bà náà di hẹ́gẹhẹ̀gẹ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀, a sì ya. Ohun ìmúyọ̀ tí a fi omi pò ni kí ẹ béèrè ní ilé egbòogi. O rí i pé ojú kò tì mí mọ́.

Ní tèmi, lẹ́yìn nìkáà ni mo fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ wáyé, n kò sì yí ohùn padà lórí ìyẹn. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò gbọdọ̀ dúró de nìkáà. Lọ bá a sọ ọ́ ní ọ̀sẹ̀ yìí, kí o sì mú abọ́ mi bọ̀ nígbà tí o bá ń wá ròyìn fún mi. Bí ìyá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́ bá sì dárúkọ aṣọ funfun, má bá a jiyàn, ọmọ mi. Ní kí ó wọkọ̀ wá bá mi ní Ọ̀fin.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ,
Màmá Ọ̀fin.