Bí Agboolé Ṣe Lè Ka BD àti 3/7 Lára Àpò Oògùn Ibà

Lára àpò oògùn ibà tí aláìsàn ń gbà ní ilé ìwòsàn tàbí lọ́wọ́ apòògùn ní agbègbè Ìbèsè, Ìlaròó àti Ayétòrò, ó ṣeé ṣe kí a rí àkọlé bíi “Artemether/Lumefantrine 80/480 mg, 1 BD x 3/7”. 80/480 ń sọ bí èròjà méjèèjì ṣe pọ̀ tó nínú hóró kan, kò sì ní í ṣe pẹ̀lú iye hóró tí a ó lò. 1 tó tẹ̀ lé e ni iye hóró fún ìgbà kan. BD, tí a gé kúrú láti inú èdè Látìn, ni ẹ̀ẹ̀mejì lóòjọ́. TDS jẹ́ ẹ̀ẹ̀mẹta, OD sì jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan. Lára páálí tó wá láti Bẹ̀nẹ̀, “matin” ni àárọ̀, “soir” sì ni ìrọ̀lẹ́.

3/7 ni ó rọrùn jù láti ṣì kà, nítorí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè pè é ní ẹ̀ẹ̀mẹta lóòjọ́ fún ọjọ́ méje, bẹ́ẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta péré ni ìtumọ̀ rẹ̀: 7 dúró fún ọjọ́ inú ọ̀sẹ̀ kan, 3 sì ni iye ọjọ́ tí a ó fi lo oògùn. Ní ọ̀nà kan náà, 2/52 jẹ́ ọ̀sẹ̀ méjì, 1/12 sì jẹ́ oṣù kan. Hóró kan lẹ́ẹ̀mejì fún ọjọ́ mẹ́ta yóò jẹ́ mẹ́fà. Bí iye tó wà nínú àpò kò bá jẹ́ mẹ́fà, ó yẹ kí a padà lọ bi apòògùn kí a tó gbé èyíkéyìí mì.

Ohun kan wà tí BD nìkan kò lè sọ. Wákàtí méjìlá ni ó sábà máa ń wà láàárín ìlò méjì, ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kìíní oògùn yìí, wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn hóró àkọ́kọ́ ni a ń lo ìkejì, kí agbára oògùn lè tètè pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀. Ẹni tó bá lo àkọ́kọ́ ní agogo méjìlá ọ̀sán yóò lo ìkejì ní agogo mẹ́jọ alẹ́, lẹ́yìn náà agogo mẹ́jọ àárọ̀ àti mẹ́jọ alẹ́ ní ọjọ́ kejì àti ọjọ́ kẹta. Aago ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́ òru ní ilé-iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì yóò tẹ̀ lé, kì í ṣe ìgbà tó bá jí.

Oúnjẹ tó ní ọ̀rá, bíi ẹ̀kọ àti àkàrà, ni a ń jẹ sí i, nítorí lumefantrine kì í wọ ara dáadáa láìsí ọ̀rá. Bí aláìsàn bá bì í láàárín wákàtí kan, ó ní láti lo òmíràn, kí ó sì gba àfikún kí iye rẹ̀ lè pé. Bí ara bá tilẹ̀ yá ní ọjọ́ kejì, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ni a gbọ́dọ̀ lò tán. Ìwọ̀n ọmọdé yàtọ̀, nítorí bí ó ṣe wúwo tó ni a fi ń ṣírò rẹ̀. Nítorí náà, kí òbí má ṣe pín oògùn àgbàlagbà fún ọmọ, kí ó sì ní kí apòògùn kọ aago ìlò kọ̀ọ̀kan sára àpò kí ó tó kúrò níwájú rẹ̀.